Aago bàbá mi ń fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sáré lójúmọ́: ṣé òòfà ni àbí ọ́ìlì?

Àkànní Òkè-Àdó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní Seiko 5 kan tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó papò dà. 7S26 ni wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọtọmátíìkì ni, kò lo bátìrì. Ọwọ́ tí èèyàn bá ń jù ló ń fún un lágbára. Láti ìgbà tó ti dé ọwọ́ mi, bí ó bá fi ìdajì ìṣẹ́jú yẹsẹ̀ lójúmọ́, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí mo bá bá rédíò ṣe é sí aago méje òwúrọ̀, tí rédíò bá tún fi máa lu agogo méje lọ́jọ́ kejì, aago mi ti lé e ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún aago ṣe ní Dùgbẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ẹ̀mú ti ọ̀pá kékeré kan níbẹ̀, ó ní ó ti parí. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi sáré. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó di mẹ́fà. Nígbà tí mo padà lọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ gbogbo inú rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò fẹ́. Inú aago yẹn ni bàbá mi gbé kiri fún ọdún pípẹ́. Bí wọ́n bá kó o jáde, páànù lásán ló kù sí mi lọ́wọ́.

Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ó lè jẹ́ òòfà ló wọ̀ ọ́. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀? Ta ló sì lè bá mi yọ ọ́ ní Ìbàdàn?

ỌmọÀgbowó

Ẹ̀gbọ́n, òòfà ni o, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Fóònù ló fà á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wọlé tó ń jáde nínú fóònù yẹn, ara aago ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ó ṣe èmi náà rí. Mo kàn kó fóònù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì mi ni. Bí aago bá ti ń sáré, òòfà ni. Bí ó bá ń fà sẹ́yìn, ìdọ̀tí ni. Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ìyá Bólú

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó jọ pé ohun tó ń ṣe tèmi náà nìyí. Aago wúrà kékeré ni, bátìrì tuntun ni mo fi sí i. Bí mo bá ti jù ú sínú báàgì mi, èyí tó ń fúnra rẹ̀ pa dé, tó ń ró pá, ṣe ló máa ń dúró. Bí mo bá fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì kí n sì wọ̀ ọ́, ó ti fi wákàtí kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n á tún máa lọ. Ẹ bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti ń yọ òòfà yìí, kí n gbé tèmi náà dání.

Bàbá Aláago Mọ́kọ́lá

Ìyá Bólú, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá yín lóhùn, kí ẹ má baà gbé aago yín dé ibi tí kò yẹ ẹ́. Oníbátìrì ni tiyín. Òòfà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ gan-an. Òun ló ń yí, tó ń ti ọwọ́ aago síwájú. Òòfà ẹnu báàgì yín ló ń di tinú aago mú kí ó má lè yí. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ wákàtí tó ti sọnù ti sọnù nìyẹn títí ẹ ó fi tún un ṣe sí àkókò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ òòfà, nítorí wọ́n lè ba òòfà tó ń ṣiṣẹ́ fún un jẹ́. Ẹ ṣáà wá ibòmíì fi í sí yàtọ̀ sí báàgì yẹn.

Àkànní, tìẹ ló yẹ kí a jókòó tì. ỌmọÀgbowó, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè sọ irin di òòfà. Ohun tó wà lára fóònù tó ń ṣe aago níbi ni òòfà inú sípíkà rẹ̀, àti èyí tí wọ́n rán mọ́ inú ìbòrí rẹ̀ kí ó lè máa pa dé. Ìwọ kó fóònù kúrò, ó sì ṣiṣẹ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n ohun tó fà á kọ́ lo dárúkọ.

Bí a bá ṣí ẹ̀yìn aago bíi ti Àkànní, a ó rí kẹ̀kẹ́ kan tó ń yí lọ yí bọ̀ láìsinmi. Irin kan wà lára rẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun orí, tí wọ́n ká bí ìkarahun ìgbín. Irun ni èmi ń pè é. Bí kẹ̀kẹ́ yẹn bá ń lọ tó ń bọ̀, irun yìí á máa fẹ̀, á máa sún kì, bí àyà ọmọ tó ń sùn. Ìká rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kan èkejì. Bí òòfà bá wọ inú rẹ̀, ìká méjì á lẹ̀ mọ́ra. Ibi tó bá lẹ̀ yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí náà irun tó yẹ kí ó gùn ti kúrú nìyẹn, èyí tó bá sì kúrú a máa yára mí. Ìdí tí aago fi ń sáré nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo aago tí òòfà wọ̀ ló ń sáré. Bí ó bá jẹ́ àwọn irin yòókù inú rẹ̀ ni òòfà náà mú, aago lè máa fà sẹ́yìn, ó sì lè dúró pátápátá. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo èyí tó ń sáré ni òòfà wọ̀. Bí ọ́ìlì bá kán sórí irun, ìká rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bákan náà. Bí aago bá já bọ́ sílẹ̀, ìká kan lè fo lọ há síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó mú mi fura sí òòfà nínú ọ̀rọ̀ tìẹ ni pé mẹ́rin lónìí, mẹ́fà lọ́la, kò dúró sójú kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lójijì, o ò sì sọ pé ó já bọ́.

Wá kọ́ńpáàsì kékeré kan, irú èyí tí àwọn mìíràn fi ń mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí bí wọ́n bá fẹ́ kírun. Gbé e kalẹ̀ títí abẹ́rẹ́ rẹ̀ á fi dúró. Mú aago sún mọ́ orí abẹ́rẹ́ kan, kí o wá máa yí aago náà po díẹ̀díẹ̀. Pé abẹ́rẹ́ ń tẹ̀ lé aago nìkan kò tíì tó, nítorí irin lásán náà máa ń fa abẹ́rẹ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n irin lásán kì í lé e. Bí o bá yí aago tí orí abẹ́rẹ́ kan náà tó ti ń tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀ wá ń sá fún un, òòfà wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tún fọwọ́ kan ọ̀pá kékeré yẹn, òun ni wọ́n fi ń mú aago yára tàbí lọ́ra. Ṣe ni wọ́n fi í bo àìsàn náà mọ́lẹ̀. Bí a bá yọ òòfà tán, ṣe ni aago yóò máa fà sẹ́yìn, nítorí wọ́n ti mú un lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹ̀rù má baà bà ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Físíìsì UI

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo bá ẹ̀gbọ́n Àkànní ṣírò tiwọn. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án jẹ́ 540 ìṣẹ́jú àáyá, ọjọ́ kan sì jẹ́ 86,400. Bí a bá pín in, 160 ni. Ìgbà mẹ́fà ni aago yẹn ń ró nínú ìṣẹ́jú àáyá kan bí ara rẹ̀ bá le. Ìyẹn ni pé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 27, ó ń dún kí kan péré lé e. Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń gbé aago sétí tí wọ́n á ní ìró rẹ̀ dáa.

Lánre Challenge

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é nílé, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó náwó. Mo ra àpótí aláwọ̀ búlúù kékeré tí wọ́n ń tà lórí ayélujára, èyí tó ní bọ́tìnì kan àti iná pupa. Aago mi ń fi bí ìṣẹ́jú méjì sáré nígbà náà. Mo gbé e sórí àpótí, mo tẹ bọ́tìnì, mo kà á dé márùn-ún, mo yọwọ́ lórí bọ́tìnì, mo wá gbé aago mi. Lọ́jọ́ kejì, ìṣẹ́jú méje! Mo tún un ṣe, ó di mẹ́ta. Mo tún ṣe é, ó di mẹ́jọ. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Àpótí náà wà nínú dúrọ́ọ̀, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Bàbá Aláago Mọ́kọ́lá

Lánre, mi ò rí àpótí rẹ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó má lẹ́bi kankan. Ìgbà tí o yọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Wáyà kọ́pà tí wọ́n ká ló wà nínú àpótí yẹn. Bí iná bá wọ inú rẹ̀, ó di òòfà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òòfà tó dojú kọ ibì kan. Iná ilé wa ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà náà sì ń bá a yíjú padà. Aago tó wà lórí rẹ̀ ń gba òòfà lápá ọ̀tún, ó ń gbà á lápá òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí o bá yọwọ́ lórí bọ́tìnì nígbà tí aago ṣì wà níbẹ̀, ibi tí iná bá já sí ni òòfà aago rẹ máa dúró sí. Ó lè bọ́ sí ibi tí agbára rẹ̀ kéré, ó sì lè bọ́ sí ibi tó ti pọ̀ jù lọ. Ìdí nìyẹn tí o fi rí méje, tí o rí mẹ́ta, tí o tún rí mẹ́jọ.

Ó dà bí ìgbà tí ìyá bá ń fi ọmọ lẹ́sẹ̀ kí ó lè sùn. Kì í dá a dúró gììrì, ṣe ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ara ọmọ á fi rọlẹ̀. Gbé aago lé e, tẹ bọ́tìnì, má yọwọ́. Bí ọwọ́ kan ṣe wà lórí bọ́tìnì, fi èkejì gbé aago sókè jẹ́jẹ́, lọ́nà tó tọ́, má ṣe jà á gbà. Bí o bá ti gbé e jìnnà tó bí apá rẹ ṣe gùn tó, ìgbà yẹn ni kí o yọwọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó fún gbogbo rẹ̀. Má fi ọwọ́ pẹ́ lórí bọ́tìnì, wáyà inú rẹ̀ máa ń gbóná, ó sì lè jó. Lẹ́yìn náà, yí aago sí ìhà mìíràn kí o tún un ṣe.

Èyí tó kan àwa tí a wà nílùú yìí jù ni iná tó ń lọ. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Aago oníbàárà wà lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì, mi ò tíì gbé e sókè, iná lọ. Bí ìgbà tí èèyàn yọwọ́ láìtọ́jọ́ náà ni. Nígbà tí iná dé tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó burú ju bí wọ́n ṣe gbé e wá lọ. Kò bà jẹ́ o, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti dá a padà fún onítọ̀hún láìyẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, bí iná bá ń ṣẹ́jú, jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tàn kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn.

Lánre Challenge

Bàbá, ẹ ṣeun. Màá tún un yọ kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Ìnfátà ni mo ní nílé, mi ò ní jẹnẹrétọ̀. Ṣé a lè lo ìnfátà?

Físíìsì UI

Ó yẹ kó ṣiṣẹ́. Iná àwọn ìnfátà olówó pọ́ọ́kú kì í lọ geere bíi ti ilé, ṣe ló máa ń fò láti apá kan bọ́ sí èkejì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yíjú padà. Fífà tí ẹ ń fa aago jìnnà ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Bàbá Aláago Mọ́kọ́lá

Èmi ò tíì fi ìnfátà ṣe é rí, mi ò sì ní sọ ohun tí mi ò fojú rí. Èyí tí mo mọ̀ ni pé àwọn kan máa ń mú kí wáyà kọ́pà kùn kíkankíkan, kí ó sì tètè gbóná. Lánre, gbé àpótí rẹ àti ìnfátà náà wá bí ó bá ṣeé gbé, ká jọ wò ó.

Àkànní Òkè-Àdó

Mo ti padà dé o. Mo kọ́kọ́ fi kọ́ńpáàsì wò ó nílé. Mo gbé aago sún mọ́ orí abẹ́rẹ́ tó kọjú sí àríwá. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Mo yí aago po díẹ̀díẹ̀, kò tíì dé ìdajì tí orí abẹ́rẹ́ kan náà fi yẹra, tó lọ dojú kọ ògiri. Mo pe ìyàwó mi wá wò ó, torí mi ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ojú mi ló ń ṣe mí.

Mo gbé e lọ bá Bàbá ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbọ́ ìró aago ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé. Ó kọ +318 s/d, ìyẹn ni pé ó ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀ sáré lójúmọ́. Àwọn àmì kéékèèké tó yẹ kí ó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ lójú ẹ̀rọ náà fọ́n káàkiri bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìyẹ. Bí Bàbá ṣe mú súkúdíráfà wọn, ìṣó kékeré tó wà lórí tábìlì fò mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ní kí n wò ó, pé bí wọ́n bá fi èyí ṣí aago, wọ́n á tún fi òòfà lé òòfà ni. Súkúdíráfà àti ẹ̀mú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ òòfà wọn, kí wọ́n tó kan aago mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbé e lé ẹ̀rọ, ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbọ́ ìró rẹ̀, àwọn àmì náà ti tò gún régé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ kọ ni -221 s/d. Bí kì í bá ṣe pé Bàbá ti sọ ọ́ níbí tẹ́lẹ̀ ni, mo máa rò pé wọ́n ti ba aago bàbá mi jẹ́. Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ àti díẹ̀ fà sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi awò ojú wo irun náà bóyá ọ́ìlì wà lára rẹ̀, kò sí. Wọ́n ti ọ̀pá yẹn padà, ẹ̀mí mi fò, torí wọ́n kàn fi ẹnu ẹ̀mú kàn án ni, ó ti yí ohun tí ẹ̀rọ ń kọ padà. +8 s/d ni wọ́n fi í sí. Ọjọ́ márùn-ún rèé, ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló fi lé ti rédíò.

ỌmọÀgbowó

Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Kí ló wá fa òòfà náà? Ṣé fóònù kọ́?

Àkànní Òkè-Àdó

Kọ́ńpáàsì yẹn náà ló bá mi wá a. Mo gbé e káàkiri ibi gbogbo tí aago ń dé: àpò ṣòkòtò mi, ẹ̀gbẹ́ rédíò, orí fíríìjì. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí òkòtó. Tábílẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi fi ń kàwé ló wà níbẹ̀, ìbòrí rẹ̀ ní òòfà létí, orí ìbòrí yẹn ni mo sì ń tẹ́ aago lé lálaalẹ́. Kò pẹ́ tí a ra tábílẹ́ẹ̀tì náà tí aago fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbé kọ́ńpáàsì sẹ́yìn tó ìbú ọwọ́ kan, abẹ́rẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ mira mọ́. Inú àwo tánganran kan lórí ṣẹ́ẹ̀fù ni aago ń sùn báyìí.

ỌmọÀgbowó

Mo ti gbọ́. Bàbá, ọ̀kan tèmi wà tó ń fi ìṣẹ́jú méjì fà sẹ́yìn lójúmọ́, ìdọ̀tí ni mo sì ti ń pè é láti ọjọ́ yìí. Mo fi kọ́ńpáàsì ọ̀rẹ́ mi wò ó lálẹ́ àná. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e yíká, kò sì sá fún un níbì kankan.

Bàbá Aláago Mọ́kọ́lá

Á jẹ́ pé o ti sọ òótọ́ nípa tìyẹn. Ìgbà wo ni wọ́n tú u fọ̀ kẹ́yìn?

ỌmọÀgbowó

Láti ìgbà tí mo ti rà á, wọn ò tú u rí.

Bàbá Aláago Mọ́kọ́lá

Gbé e wá lọ́jọ́ tí Lánre bá ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òwúrọ̀, kí oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ dáadáa lójú fèrèsé mi.